Kòkòrò Mélòó Ló Wà Nínú Ṣíbí Omi Ògì Kan?

Kí ìyá ológì tó bu ògì sínú ọ̀rá fún oníbàárà, ó máa ń kọ́kọ́ tẹ abọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó lè rọra da omi tó dúró lójú ògì kúrò. Omi yẹn kan lẹ́nu, òórùn rẹ̀ sì máa ń ta síni nímú kéèyàn tó dé ìdí abọ́. Àwọn kan ń pè é ní omi ògì, àwọn mìíràn ń pè é ní omidùn. Ní ọ̀pọ̀ ilé, wọn kì í dà á nù. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń rẹ egbò àti èèpo igi sí tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe àgbo, àwọn mìíràn sì máa ń bu ife kan mu nígbà tí inú bá ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ìgò mímọ́ wá sọ́jà láti ra omi yìí.

“Ọmọ mi, omi lásán lẹ fẹ́ rà? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Kòkòrò inú rẹ̀ la fẹ́ kà, mà.”

“Ẹ fẹ́ kà á? Ojú wo lẹ máa fi kà á?”

Ìbéèrè ìyá yìí bọ́gbọ́n mu. Bakitéríà ló mú omi ògì kan. Bí àgbàdo bá ti wà nínú omi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, bakitéríà á máa jẹ ṣúgà tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì máa tú ásíìdì sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn onímọ̀ máa ń bá pàdé jù lọ níbẹ̀ ni Lakitobasílọ́ọ̀sì pulantárọ́ọ̀mù. Ní 1994, D. K. Olúkòyà, ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀ ìjọ MFM ṣùgbọ́n tó jẹ́ onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí, kọ ìwé ìwádìí pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípa ògì kan tí wọ́n pè ní DogiK. Àṣàyàn Lakitobasílọ́ọ̀sì tó ń pèsè èròjà tó ń dojú ìjà kọ bakitéríà mìíràn ni wọ́n fi ṣe ògì náà, nítorí wọ́n ní i lọ́kàn pé ó lè wúlò fún àwọn ọmọdé tó ń yàgbẹ́ gbuuru.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ iye bakitéríà tó wà láàyè nínú mílílítà kan omi náà. Ká ní wọ́n tó mílíọ̀nù 150. Tí èèyàn bá ń ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsùn, láìjẹun, ó máa lò ju ọdún 4 àti ààbọ̀ lọ kó tó kà wọ́n tán. Ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré lè fi wọ́n hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkú àti ààyè máa ń jọra lábẹ́ rẹ̀. Ààyè nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń wá.

Ohun tó máa ṣe kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí oníṣòwò ẹ̀wà lè ṣe tí ẹnì kan bá bi í pé ẹyọ mélòó ló wà nínú àpò rẹ̀. Kò ní da àpò náà sílẹ̀ kó máa ṣà á. Ó máa ka ẹyọ inú agolo kan, á fi iye agolo tó kún kóńgò kan sọ ọ́ di púpọ̀, á sì tún fi iye kóńgò tó kún àpò sọ ọ́ di púpọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ á dára níwọ̀n ìgbà tí agolo náà bá péye, tí ẹ̀wà inú àpò náà sì rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Bu omi là á, kí o tún bu omi là á

Nínú yàrá ìwádìí, akẹ́kọ̀ọ́ náà to túùbù onígíláàsì 6 sórí àgbékà. Mílílítà 9 omi ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi náà kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe omi àsè lásán, nítorí omi tí kò ní iyọ̀ kankan lè mú kí bakitéríà wú kí ó sì bàjẹ́. Omi tí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí ni, nǹkan bí gíráàmù 8.5 nínú lítà kan, tàbí omi tí wọ́n fi pẹ́pítóònù díẹ̀ sí. Wọ́n ti fi ooru pa gbogbo ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ó gbọn ìgò omi ògì dáadáa. Ìgbésẹ̀ kékeré yìí ṣe pàtàkì, torí pé ìyẹ̀fun àgbàdo máa ń lọ sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, bakitéríà tó lẹ̀ mọ́ ọn á sì bá a lọ. Ẹni tó bá fa omi láti òkè nìkan ti fi apá kan sílẹ̀ láìkà. Lẹ́yìn náà ló wá fi pípẹ́ẹ̀tì fa mílílítà 1 omi ògì, ó sì tú u sínú túùbù àkọ́kọ́. Mílílítà 1 pẹ̀lú mílílítà 9 jẹ́ 10. Nítorí náà, mílílítà kọ̀ọ̀kan nínú túùbù yẹn ní ìdá kan nínú 10 ohun tó wà nínú omi ògì. Àwọn onímọ̀ ń kọ ọ́ báyìí: 10⁻¹.

Ó ju ẹnu pípẹ́ẹ̀tì tó lò nù, ó fi tuntun sí i, ó po túùbù náà pọ̀ dáadáa, ó sì fa mílílítà 1 láti inú rẹ̀ sínú túùbù kejì. Èyí náà tún di ìdá 10 ti àkọ́kọ́, ìyẹn ìdá 100 ti omi ògì. Túùbù kẹta di ìdá 1,000. Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí dé túùbù kẹfà, níbi tí mílílítà kan ti ní ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù kan ohun tó wà nínú omi ògì. Àbùlà lórí àbùlà ni, ìkọ̀ọ̀kan ń ti inú èyí tó ṣáájú rẹ̀ wá.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí kò fi da mílílítà 1 sínú lítà 1,000 omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ìdá mílíọ̀nù kan náà ni yóò jẹ́. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé kò sí yàrá ìwádìí tó fẹ́ máa se àgbá omi ńlá mẹ́rin sí márùn-ún nítorí ìgò omi ògì kan. Èkejì ni pé kò rọrùn láti po irú omi bẹ́ẹ̀ kó dọ́gba níbi gbogbo. Túùbù kékeré 6 ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú mílílítà 54 omi péré. Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ bí bakitéríà inú omi ògì yìí ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí ó ti ní àbùlà oríṣiríṣi lọ́wọ́, ó dájú pé ọ̀kan nínú wọn á bọ́ sí ibi tí ojú èèyàn ti lè kà á.

Àwo tó dì bí ẹ̀kọ

Àwọn túùbù náà kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Omi mímọ́ gaara ni wọ́n jọ. Ohun tó máa sọ wọ́n di kíkà ni àwo Pẹ́tírì tó ní ágà nínú.

Ara ewéko inú òkun ni wọ́n ti ń yọ ágà. Tí wọ́n bá fi omi gbígbóná pò ó, ó máa ń ṣàn, tó bá sì tutù, ó máa ń dì bí ẹ̀kọ inú ewé. Robert Koch, dókítà ará Jámánì, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ ń lo jẹ́látìnì, ṣùgbọ́n jẹ́látìnì máa ń yọ́ nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbóná, àwọn bakitéríà kan sì máa ń jẹ ẹ́ di omi. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Fanny Hesse, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Koch, ló dámọ̀ràn ágà fún ọkọ rẹ̀ ní 1881, torí pé ó ti ń lò ó nínú oúnjẹ tó ń sè nílé. Ní 1887 ni Julius Petri, tí òun náà ń bá Koch ṣiṣẹ́, ṣe àwo pẹlẹbẹ onídèérí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Nínú ágà ti akẹ́kọ̀ọ́ náà, wọ́n ti po oúnjẹ tí Lakitobasílọ́ọ̀sì fẹ́ràn mọ́ ọn. Orúkọ tó wà lára ìgò rẹ̀ ni MRS, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn mẹ́ta tó gbé e jáde ní 1960: de Man, Rogosa àti Sharpe.

Ó fa mílílítà 0.1 láti inú túùbù kọ̀ọ̀kan tó yàn, ìyẹn bí ẹ̀kán omi méjì, sí àárín àwo. Ó fi ọ̀pá gíláàsì tó tẹ̀ bí ọkọ́ tan án ká ojú ágà títí omi náà fi gbẹ wọnú rẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ ki ọ̀pá náà bọ ọtí líle, ó fi iná kàn án, ó sì dúró kó tutù. Ẹni tí kò bá dúró á fi ọ̀pá gbígbóná pa bakitéríà tó fẹ́ kà. Àwo méjì méjì ló lò fún àbùlà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan lè jẹ́rìí èkejì. Ó tún tan omi iyọ̀ lásán, tí kò fi omi ògì kankan sí, sórí àwo kan. Tí nǹkan kan bá hù sórí àwo yẹn, a jẹ́ pé omi tàbí ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ́.

Ó dojú àwọn àwo náà dé kí omi tó bá sẹ̀ sára ìdérí má baà kán sórí ágà, ó sì kó wọn sínú àpótí tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé, nítorí bakitéríà wọ̀nyí kò fẹ́ràn afẹ́fẹ́ púpọ̀. Àpótí náà wọnú ẹ̀rọ tó ń mú ooru dúró sí 30 °C. Wákàtí 48 ni wọ́n máa lò níbẹ̀.

Láàárín wákàtí wọ̀nyẹn, bakitéríà kan tó bọ́ sórí ágà á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Nítorí pé ágà dì, àwọn ọmọ kò lè rìn jìnnà sí ìyá. Wọ́n á kó jọ sójú kan náà bí agboolé tí gbogbo ọmọ kọ́lé sí, títí tí wọ́n á fi pọ̀ débi tí ojú lásán á rí wọn bí tótó funfun kan, tó tóbi bí orí abẹ́rẹ́. Tótó yẹn ni wọ́n ń pè ní kọ́lọ́nì.

Ibí yìí ni ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ ti fẹ̀sọ̀ sọ̀rọ̀. Lakitobasílọ́ọ̀sì sábà máa ń so mọ́ra wọn ní méjì, mẹ́ta, tàbí bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín pọ̀. Tí mẹ́rin tó so pọ̀ bá bọ́ sórí ágà, kọ́lọ́nì kan ṣoṣo ni wọ́n á dì. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò lè sọ pé iye bakitéríà lòún kà. Iye ohun tó lè di kọ́lọ́nì ló kà, ì báà jẹ́ ẹyọ kan tàbí ìdìpọ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí ìwé àbájáde fi máa ń kọ CFU/ml, ìyẹn iye ohun tó lè di kọ́lọ́nì nínú mílílítà kan, dípò iye bakitéríà.

Àwo wo ló ṣeé gbà gbọ́?

Lẹ́yìn wákàtí 48, ó kó àwọn àwo náà jáde. Ẹ jẹ́ ká fi iye yìí ṣe àpẹẹrẹ. Lórí àwo méjèèjì ti àbùlà kẹrin, kọ́lọ́nì kún bámúbámú, wọ́n wọnú ara wọn bí èèyàn inú ọjà ọdún. Lórí àwọn àwo àbùlà karùn-ún, ó ka 142 lórí ọ̀kan àti 158 lórí èkejì. Lórí ti àbùlà kẹfà, 17 ló wà lórí ọ̀kan, 13 ló wà lórí èkejì. Àwo omi iyọ̀ lásán kò ní nǹkan kan lórí.

Èwo nínú wọn ló máa lò?

Àwo tó kún jù kò ṣeé lò, kì í sì í ṣe torí pé ojú á rẹ ẹni tó ń kà á nìkan. Níbi tí kọ́lọ́nì bá ti pọ̀ jù, méjì tó wà nítòsí ara wọn á di ọ̀kan, àwọn mìíràn á jẹ oúnjẹ agbègbè wọn tán, ásíìdì tí wọ́n ń tú sílẹ̀ á sì dá àwọn tó kù dúró, débi pé wọn ò ní tóbi tó ohun tí ojú lè rí. Iye tí wọ́n bá kà níbẹ̀ sábà máa ń kéré sí òtítọ́.

Àwo tí kọ́lọ́nì rẹ̀ kéré jù ní ìṣòro tirẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ po túùbù náà dáadáa tó, kò sí ohun tó ní kí gbogbo ẹ̀kán omi gbé iye bakitéríà kan náà. Ọ̀kan á gbé díẹ̀ lé, òmíràn á gbé díẹ̀ dín. Ìṣirò fi hàn pé ìyàtọ̀ yìí sábà máa ń súnmọ́ nọ́ńbà tó jẹ́ pé, tí a bá fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, á fún wa ní iye tí a kà. Tí kọ́lọ́nì bá jẹ́ 16, ìyàtọ̀ náà jẹ́ nǹkan bí 4, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin. Tó bá jẹ́ 225, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 15, ìyẹn ìdá kan péré nínú 15. Bí kọ́lọ́nì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára oríire ń dínkù lórí àbájáde, títí tí ìfúnpọ̀ á tún fi bà á jẹ́ láti apá kejì.

Àárín àwọn ewu méjèèjì yìí ni wọ́n ti ń ṣọdẹ. Ní 1916, Breed àti Dotterrer, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò inú wàrà ní ìpínlẹ̀ New York, kọ̀wé nípa iye kọ́lọ́nì tó yẹ kó wà lórí àwo kí wọ́n tó lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Lónìí, ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí ń lo 30 sí 300. Ìwé ìlànà àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ń lo 25 sí 250. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí tẹ̀ lé nìyẹn. Àwọn àwo àbùlà karùn-ún nìkan ló wọlé sáàárín ààlà náà.

Ó pa 142 àti 158 pọ̀, ó pín in sí méjì, ó rí 150. Ìṣirò tó kù kò le:

```
CFU/ml = iye kọ́lọ́nì ÷ (mílílítà tí a tàn sórí àwo × àbùlà)
       = 150 ÷ (0.1 × 10⁻⁵)
       = 150,000,000
```

Ẹni tí nọ́ńbà wọ̀nyí bá dẹ́rù bà lè tẹ̀ lé e báyìí. Kọ́lọ́nì 150 ti inú mílílítà 0.1 wá, a jẹ́ pé 1,500 ló wà nínú odindi mílílítà kan àbùlà karùn-ún. Àbùlà karùn-ún jẹ́ ìdá 100,000 omi ògì. Tí a bá fi 100,000 sọ 1,500 di púpọ̀, ó di mílíọ̀nù 150. Lórí ìwé, ó máa kọ ọ́ ní 1.5 × 10⁸ CFU/ml. Ká tiẹ̀ ní iye tó rí jẹ́ 152,736,000, kò gbọ́dọ̀ kọ gbogbo nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, torí pé ọ̀nà yìí kò lágbára láti mọ̀ ju méjì àkọ́kọ́ lọ.

Aṣìṣe kan wọ́pọ̀ gan-an níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé mílílítà 0.1 tó tàn sórí àwo, á wá fi 100,000 nìkan sọ 150 di púpọ̀. Á rí mílíọ̀nù 15 dípò mílíọ̀nù 150, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta á sì fi ìlọ́po 10 kéré sí òtítọ́ nítorí ìlà kan tí kò kọ.

Nígbà mìíràn, àbùlà méjì ló máa ń bọ́ sáàárín ààlà pa pọ̀. Ká ní ìgò omi ògì mìíràn mú 218 àti 234 wá lórí àbùlà karùn-ún, tí àbùlà kẹfà sì mú 27 àti 25 wá. Kò sí ìdí láti ju èyíkéyìí nù. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: omi ògì gangan, láìka omi tí wọ́n fi là á, mélòó ló dé orí àwọn àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Àwo àbùlà karùn-ún kọ̀ọ̀kan gba ìdá mílíọ̀nù kan mílílítà omi ògì, méjì wọn jẹ́ ìdá 2. Àwo àbùlà kẹfà kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú 10 ìyẹn, méjì wọn jẹ́ 0.2. Àpapọ̀ jẹ́ 2.2 nínú mílíọ̀nù mílílítà kan. Gbogbo kọ́lọ́nì tó jáde nínú rẹ̀ jẹ́ 504:

```
504 ÷ 0.0000022 = 229,090,909, ìyẹn 2.3 × 10⁸ CFU/ml
```

Nígbà tí àwọn àwo kò bá bára wọn mu

Ẹwà àbùlà alátẹ̀léra ni pé ó máa ń tú àṣírí ẹni tó ṣe é. Láti àbùlà kan sí èkejì, kọ́lọ́nì gbọ́dọ̀ dínkù ní nǹkan bí ìlọ́po 10. Àwo akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ láti 150 sí 15. Ìyẹn bára mu. Bí ó bá jẹ́ pé 60 ló rí lórí àwo àbùlà kẹfà, kò ní lè sọ pé oríire ló fà á, torí pé oríire kì í sọ 15 di 60.

Ohun tó sábà máa ń fa irú rẹ̀ ni ẹnu pípẹ́ẹ̀tì kan náà tí wọ́n lò láti túùbù dé túùbù. Ẹ̀kán díẹ̀ láti inú túùbù tó ní bakitéríà púpọ̀ á lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, á sì bá a lọ sínú túùbù tó yẹ kó ní díẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni àṣìṣe náà ń ga sí i. Tí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni kọ́lọ́nì dínkù ju ìlọ́po 10 lọ, bí àpẹẹrẹ láti 150 sí 3, ó ṣeé ṣe kí ó má tíì po túùbù karùn-ún dáadáa kó tó fa omi inú rẹ̀, tàbí kí ọ̀pá tó fi tan àwo tó kẹ́yìn ṣì gbóná.

Àwo méjì ti àbùlà kan náà tún máa ń sọ̀rọ̀. 142 àti 158 jọ ara wọn tó. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá jẹ́ 40 tí èkejì sì jẹ́ 190, kò bójú mu láti pa wọ́n pọ̀ kí wọ́n sì pín in sí méjì, bíi pé 115 tó bá jáde jẹ́ òtítọ́ kan tó dúró láàárín wọn. Ohun tó yẹ ni kó tún iṣẹ́ náà ṣe.

Ìkíyèsí kan tún wà tó jẹ mọ́ àwo tí kò ní nǹkan kan lórí. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ náà tún fẹ́ mọ̀ bóyá bakitéríà tó ń tọ́ka sí ìgbẹ́ wà nínú omi ògì náà. Àwo MRS kò lè dáhùn ìyẹn. Ágà mìíràn tó ń jẹ́ Makíónkì ló máa lò. Ó da mílílítà 1 àbùlà àkọ́kọ́ sínú rẹ̀, kò sì sí kọ́lọ́nì kankan tó hù. Kò lè kọ sílẹ̀ pé kò sí rárá. Ìdá kan nínú 10 mílílítà omi ògì ló yẹ̀ wò, ẹyọ kan ṣoṣo tó bá sì hù níbẹ̀ ìbá túmọ̀ sí 10 nínú mílílítà kan. Ohun tó lè kọ tọkàntọkàn ni pé wọn kò tó 10 CFU/ml.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mílíọ̀nù 150 ti àkọ́kọ́ ní ààlà tirẹ̀. Ó ń sọ nípa àwọn tó lè hù lórí MRS, ní 30 °C, láàárín wákàtí 48. Àwọn tó fẹ́ oúnjẹ mìíràn tàbí ooru mìíràn kò sí nínú iye yẹn, kò sì sọ irú bakitéríà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ìwúkàrà inú omi ògì, tí òun náà máa ń pọ̀ níbẹ̀, lè hù lórí MRS pẹ̀lú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ fi díẹ̀ lára kọ́lọ́nì náà sábẹ́ ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré, níbi tí ìwúkàrà ti máa ń tóbi ju bakitéríà lọ dáadáa.

Síbẹ̀, iye náà fún wa ní ohun tí a lè fi wé nǹkan mìíràn. Ìlànà Codex, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò fún oúnjẹ, sọ pé bakitéríà tí wọ́n fi ṣe yọ́gọ́ọ̀tì kò gbọ́dọ̀ dín ní mílíọ̀nù 10 CFU nínú gíráàmù kan. Omi ògì inú àpẹẹrẹ wa ní ìlọ́po 15 iye yẹn nínú mílílítà kan. Ṣíbí kékeré kan tó gba mílílítà 5 á ní mílíọ̀nù 750. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kù bẹ́ẹ̀ nínú ògì tí wọ́n bá ti rò lórí iná títí tó fi hó, nítorí ooru yẹn máa ń pa Lakitobasílọ́ọ̀sì. Omi tí ìyá ológì ń dà nù ní àárọ̀ ni wọ́n ṣì wà láàyè nínú rẹ̀.

Nínú yàrá ìwádìí, iṣẹ́ ọjọ́ náà kò tíì parí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ 1.5 × 10⁸ sínú ìwé rẹ̀, ó kọ orúkọ ágà, ooru àti wákàtí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kó àwọn àwo tó ti kà sínú ọ̀rá tó lè gba ooru, ó sì gbé wọn wọnú ìkòkò ńlá tó ń fi ìtì àti 121 °C pa ohun gbogbo tó wà láàyè. Lẹ́yìn náà ló wá fọ ọwọ́ rẹ̀, ó to túùbù tuntun 6 sórí àgbékà, ó sì gbé ìgò kejì tí ìyá náà bù fún un: omi àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún ọjọ́ kan péré. Bóyá ọjọ́ méjì tó kù ni bakitéríà pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀, tàbí wọ́n ti pọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn àwo wọ̀nyí ló máa sọ ní ọ̀tunla.